Dátà Mi Dà?

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ̀yin ará ilé, torí ó ti sú mi í dá nìkan rò. Aṣọ òfì ni mò ń hun, tí mo sì ń tà, ní Ìṣẹ́yìn níbí. Iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe nìyẹn, tí bàbá tó bí wọn náà ṣe kú. Nínú gbogbo ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn kà sí ìnáwó, òwú wà níbẹ̀, aró wà níbẹ̀, oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ dátà. Lónìí, kí n tó ta àlàárì fún ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo gbọ́dọ̀ ya fídíò aṣọ náà, mo gbọ́dọ̀ gé ibi tí ewúrẹ́ ti gba iwájú kámẹ́rà kọjá, mo gbọ́dọ̀ kọ iye owó sí i lára, mo gbọ́dọ̀ fi orin sí i lábẹ́, kí n tó wá fi ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ kò fẹ́ rí aṣọ mọ́, eré orí ìtàgé ló fẹ́ wò.

Mi ò bínú sí fídíò fúnra rẹ̀. Àwọn tó ní ọ̀fẹ́ ni mò ń bá jà.

Alhaja kan ní Pẹ́kàmù ló ní kí n ya oríṣi aṣọ tí mo ní sílẹ̀ fún àwọn, àwọn ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ, aṣọ ẹbí ni wọ́n fẹ́ dá. Èmi náà bọ́ sí gbangba, mo na àlàárì, mo na ẹtù, mo na sányán, mo ya ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sí yunifásítì wá ní, "Dádì, ẹ má dààmú, ìkànnì kan wà tí wọ́n ti ń gé fídíò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ò ní gbé áàpù kankan sórí fóònù. Ẹ kàn máa gbé fídíò yín síbẹ̀ ni, ibẹ̀ ló ti máa ṣe gbogbo rẹ̀." Ọmọ náà ò purọ́. Ìkànnì ọ̀hún ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó sọ gbẹ̀yìn yẹn, pé "ẹ kàn máa gbé fídíò yín síbẹ̀", ibẹ̀ ni ọ̀gbun wà. Ta ló máa san owó ẹrù tí wọ́n bá ń gbé lọ síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ìgbà tí a bá ń wo nǹkan nìkan ni dátà ń lọ. Irọ́ ni. Ohun tó bá ti inú fóònù yín jáde lọ, dátà ni. Ohun tó bá wọlé wá, dátà ni. Iye kan náà ni ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń ka méjèèjì sí. Bí fóònù bá wà ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ 1080p sí, tó sì jẹ́ pé irú àpamọ́ fídíò àtijọ́ ló ń lò, ìṣẹ́jú kan fídíò lè tó 130 MB. Bí ẹ bá ṣèèṣì fi í sí 4K, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, ìṣẹ́jú kan lè tó 350 MB. Àwọn fóònù tuntun tó ń lo irú àpamọ́ tó ń fún fídíò pọ̀ dáadáa lè gé iye yẹn sí ààbọ̀, ṣùgbọ́n fóònù tèmi kì í ṣe tuntun, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ìṣẹ́jú márùn-ún tèmi di 650 MB. Gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gun òkè lọ sí ìkànnì ọ̀fẹ́ kí ìkànnì ọ̀fẹ́ tó gé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀.

Kí n tó ní kí n gé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, mo ti san owó ìrìnnà ìṣẹ́jú márùn-ún.

Owó ìrìnnà yẹn náà kò dúró síbi tó wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fi owó kún owó, kí ó má ṣáà ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ náà bèèrè ju ìdá 100 lọ, pé àwọn ló bá wa dín in kù. Wọ́n tún ní láti ọdún 2013 ni iye owó náà kò ti yí padà. Ó dáa, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èmi náà ò ní kí àwọn oníbàárà mi fi ìdá 50 kún owó sányán lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá dán an wò, Alhaja á ní àwọn máa ra léèsì.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ eré. Nínú ìpolówó, wọ́n á ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àwọn ń sáré tó báyìí báyìí Mbps. Ẹni tí kò bá fojú sílẹ̀ á rò pé MB tí fóònù fi ń ka fídíò ni. B ńlá kọ́ ni b kékeré o. Mẹ́jọ b kékeré ló ń di ẹyọ kan B ńlá. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní 8 Mbps, 1 MB ni ẹ máa rí gbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bí ọjọ́ bá dáa, tí òjò ò sì ṣú. Ìdámẹ́jọ ohun tí ẹ gbọ́ ni ẹ máa jẹ. Àwọn tó hun ọ̀rọ̀ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Èyí tó tún bí mi nínú jù ni pé eré tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, eré àwálẹ̀ ni. Ti àlọsókè yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi áàpù kan wọn tèmi nínú ilé: 6 Mbps ló ń bọ̀, 1 Mbps péré ló ń lọ. Mo bi í pé kí ló fà á. Ó ní òpó tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé ní iná tó pọ̀, ó lè pariwo dé ọ̀dọ̀ fóònù mi. Ṣùgbọ́n fóònù mi, bátìrì kékeré yìí ló ní, kò lè pariwo padà tó bẹ́ẹ̀. Pé àwọn tó kọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò ju àwọn tó ń fi ránṣẹ́ lọ, wọ́n wá pín ọ̀nà náà, èyí tó fẹ̀ fún àwálẹ̀, èyí tó tóóró fún àlọsókè. Ó yé mi. Àwa tí a ní nǹkan láti tà, ọ̀nà tóóró ni tiwa.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Fídíò 650 MB, ẹ sọ ọ́ di b kékeré, ẹ lọ́po rẹ̀ ní mẹ́jọ, ó di 5,200. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń gbé ẹyọ kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 5,200 nìyẹn, tó fi díẹ̀ dín sí wákàtí kan ààbọ̀, bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Ohun kan á sì dí i lọ́wọ́. Bí iná NEPA bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ òpó náà bá ń ro ara rẹ̀ wò, ẹ máa rí lẹ́tà kékeré kan lókè fóònù tó máa yí láti 4G di H+, láti H+ di E. Bí ẹ bá ti rí E yẹn, ẹ pa ojú dé. Ká ní ó ṣì ń gbé ìdámẹ́wàá 1 Mbps lọ, fídíò kan náà á gbà ju wákàtí mẹ́rìnlá lọ. Mo lè wọ mọ́tò láti Ìṣẹ́yìn dé Èkó, kí n fi fídíò náà lé ẹni tó ń wọ bàálù lọ́wọ́, bóyá á ṣáájú rẹ̀ dé Pẹ́kàmù.

Mo ṣáà tẹ̀ ẹ́. Ìlà kékeré aláwọ̀ búlúù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo gbé fóònù sórí àpótí òwú, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, mo lé àwọn ọmọdé. Ó dé 83%, inú mi ń dùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan pè mí lórí Wáàsáàpù, tó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti sanwó ẹgbẹ́. Mo dá a lóhùn, mo padà dé orí ìkànnì, mo bá ojú ìwé náà tó ti sọ ara rẹ̀ di tuntun. Ó kọ ọ́ sí i gàdàgbà:

`Upload failed. Please try again.`

Ẹ wo ìwà ọmọlúàbí, ó tún bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́. Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé 540 MB tó ti lọ ńkọ́, níbo ló wà? Ó ní kò sí níbì kankan. Pé nígbà tí mo gba ìpè yẹn, fóònù mi, tí kò ní àyè púpọ̀ nínú, pa ojú ìwé ìkànnì náà kó lè rí àyè fún ìpè, pé ìkànnì náà ò sì mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dé. Láti òdo ló máa bẹ̀rẹ̀. Àti pé ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ka 540 MB yẹn, torí iṣẹ́ tiwọn ni láti gbé e lọ, wọ́n sì gbé e lọ lóòótọ́. Bí ẹni tí wọ́n gbé e lọ bá dà á nù sójú títì, kò kàn wọ́n.

Mo ti wá mọ ohun kan nípa èyí, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹ bá fẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìkànnì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń gbé e lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí iná bá lọ, ẹyọ tó kẹ́yìn nìkan ló máa ṣòfò. Ìkànnì ò ní fi èyí tó jẹ́ hàn yín lórí ojú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa dán an wò. Ẹ ya fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ, bó bá dé àárín, ẹ pa dátà fóònù, ẹ kà dé ogún, ẹ tún tan án. Bí ìlà náà bá tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró sí, ẹ lè fi fídíò gidi síbẹ̀. Bó bá padà sí òdo, tàbí tó bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ jọ̀wọ́, ẹ sá. Ìwọ̀nba dátà ni ìdánwò yìí máa ná yín, kò tó nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 540 MB tó wọgbó.

Èmi ò tíì mọ èyí nígbà náà, mo tún un gbé lọ. Lóru ni mo wá ṣe é, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní dátà òru kò wọ́n tó tọ̀sán, pé láti ọ̀gànjọ́ títí di ìdájí ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo àgbàlagbà tó jókòó sójú fóònù ní agogo méjì òru, tí ìyàwó rẹ̀ ń yí ojú pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá. "Baálé mi, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní ìkànnì ni. Ó ní, "Ṣé ìkànnì náà ní orúkọ?" Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́.

Ó lọ. Ó dé 100%. Mo yin Ọlọ́run lógo. Bí mo ṣe tẹ *323# lórí fóònù ọmọ mi obìnrin, ẹni tí mo ń lo dátà rẹ̀, láti wo ohun tó ṣẹ́kù, ohun tí mo rí kò bá ìṣírò mi mu rárá. Ó fi bíi 650 MB mìíràn dín sí iye tí mo retí. Mo pariwo olè! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù mi, ó tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó wá rí olè náà. Inú fóònù mi ló wà. Áàpù tí mo ń tọ́jú fọ́tò sí ń gbé ohun gbogbo tí mo bá yà lọ sí ibi ìpamọ́ kan lójú ọ̀run, láìsọ fún mi. Fídíò kan náà, ẹ̀ẹ̀kejì, sí ibòmíràn.

Mo ní ṣebí ọmọ yìí kan náà ló fi í sí ibi tó ní Wi-Fi nìkan ni kó máa lò? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, dátà òru wà lórí fóònù ọmọ mi obìnrin, èmi sì so tèmi mọ́ tirẹ̀. Lójú fóònù mi, Wi-Fi ni. Fóònù ò mọ̀ pé Wi-Fi ọ̀hún, dátà ẹnìkan tó rà á lówó ni. Ó rò pé mo wà ní ilé ìtura ńlá kan tí wọ́n ti ń fi Wi-Fi ṣàlejò. Gbogbo ohun tí mo fi òfin dè, tí mo ní kó dìgbà tí Wi-Fi bá wà, ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà: fọ́tò lọ, áàpù ń sọ ara wọn di tuntun, fídíò tí àwọn ará ẹgbẹ́ ti kó sí Wáàsáàpù ń wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo MáìFáì tàbí tí ẹ ń so mọ́ fóònù ẹlòmíràn, ẹ wọ inú ètò Wi-Fi náà, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Treat as metered` sí, ẹ fi í síbẹ̀. Ohun tó ń sọ fún fóònù ni pé, rọra, owó ni èyí. Lórí àwọn fóònù kan ọ̀rọ̀ náà lè yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá a, kó tó wá yín.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìkànnì. Fídíò ti dé òkè, mo fẹ́ gé ewúrẹ́. Kí n lè mọ ibi tí ewúrẹ́ wà, mo gbọ́dọ̀ wo fídíò náà. Níbo ni mo ti ń wò ó? Láti òkè ni, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ó sì ń wọlé padà sọ́dọ̀ mi. Fídíò tó wà nínú fóònù mi yìí, tí mo yà fúnra mi, mo ń fi dátà wò ó láti ìlú òyìnbó. Mo fà á síwájú, ó yí roboto, ó ń gba dátà. Mo fà á sẹ́yìn, ó tún yí roboto. Bíi 100 MB lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gé e tán, tí mo kọ iye owó sí i, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gbé e wálẹ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́ 1080p, kí n sanwó, ní dọ́là. Tí mo bá fẹ́ ọ̀fẹ́, 480p ni, orúkọ ìkànnì náà á sì wà lójú fídíò. Mo ní kó rí bẹ́ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi káàdì ilé ìfowópamọ́ mi san ní dọ́là? Káàdì náà ò tíì mọ ọ̀nà Ìbàdàn dáadáa.

Nígbà tó wálẹ̀ tán, tí mo ṣí i, omijé fẹ́ẹ̀ bọ́. Àlàárì mi tó ń dán gbinrin di ẹ̀kọ tó fọ́. Ẹtù di dúdú kan ṣáá. Àwọn ọnà wínníwínní tí a fi ọjọ́ púpọ̀ hun, igun mẹ́rin mẹ́rin kéékèèké ló kún ibẹ̀, wọ́n ń fò káàkiri. Mo ní wọ́n ti ba aṣọ mi jẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó wá ṣe àlàyé kan tó wọ̀ mí létí, torí pé nínú iṣẹ́ mi ló ti mú un. Ó ní bí mo bá ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ ọ̀nà tí yóò gbà hun aṣọ gígùn, mi ò ní ka ìlà kọ̀ọ̀kan fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà kìíní ni mo máa kà, fún èyí tó bá kù, màá ní, "Ṣe bíi ti ìṣáájú, ibi báyìí nìkan ni kó o yí padà." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fún fídíò pọ̀. Àwòrán kan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní kíkún, àwọn tó tẹ̀ lé e, ohun tó yí padà lára wọn nìkan ni wọ́n ń kọ. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá jókòó síwájú ògiri, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń yí padà, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n aṣọ òfì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí òwú rẹ̀ ń kọ mànà nínú oòrùn, tí ọwọ́ mi tó mú kámẹ́rà sì ń gbọ̀n, kò sí ibi kan lára rẹ̀ tí kò yí padà. Bí wọ́n bá ní ìwọ̀nba báyìí ni àyè tó wà fún un, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n da ọnà náà nù, kí wọ́n fi àpò àwọ̀ dípò rẹ̀. Ìyẹn ni àwọn igun mẹ́rin tí mo rí.

Ẹ ò rí i pé àrankàn ni? Ohun tó mú kí aṣọ mi lẹ́wà gan-an ni fídíò kò lè gbé.

Mo wá jókòó, mo ṣe ìṣírò. Èyí tó jábọ́ ní àárín ọ̀nà, 540. Èyí tó dé, 650. Èyí tí olè fọ́tò gbé lọ, 650. Wíwò láti òkè, 100. Èyí tó wálẹ̀ padà, 120. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,060 MB, GB méjì àti díẹ̀. Ká ní ₦800 ni ẹ ń ra GB kan, ó ti ju ₦1,600 lọ, lórí fídíò tí mi ò lè fi han ọ̀tá mi. Mi ò sì ka oorun tí mo pàdánù, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ka ìbéèrè tí ìyàwó mi kò tíì parí.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí, tìbínú-tìbínú ni mo sì fi ń ṣe é. Mo yí kámẹ́rà sí 720p kí n tó yà rárá, nínú ètò kámẹ́rà fúnra rẹ̀, torí ohun tí ẹ ò bá kó jọ, ẹ ò ní san owó láti gbé e. Mo gbé fóònù ti igi òfì, kó má gbọ̀n, aṣọ ni mò ń rọra tú níwájú rẹ̀. Mi ò ya kọjá ìṣẹ́jú kan. Ibi tí ewúrẹ́ bá wà, inú fóònù ni mo ti ń gé e kúrò, nínú àkójọ fọ́tò, níbi tí wọ́n ya àmì sísọ́ọ̀sì sí. Kò ná dátà kankan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi áàpù kan síbẹ̀ tó ń fún fídíò pọ̀ láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Áàpù náà gba dátà nígbà tó ń wọlé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí ó bá fún un dé 1.2 Mbps, ìṣẹ́jú kan jẹ́ 9 MB, torí ìṣẹ́jú àáyá ọgọ́ta lọ́nà 1.2 di 72, a pín in sí mẹ́jọ. Lórí ọ̀nà tóóró tèmi yẹn, ó fi díẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó dé. Ẹni tó bá pè mí lórí Wáàsáàpù kò ní í ba ayé mi jẹ́.

Ọnà ara aṣọ ńkọ́? Fọ́tò ni. Mo súnmọ́ aṣọ, mo yà á lójú oòrùn àárọ̀, mo fi fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ̀ lé fídíò náà. Fọ́tò kan tó dúró jẹ́ẹ́, kò ju MB díẹ̀ lọ, ó sì ń fi òwú hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fọ́tò, nítorí Wáàsáàpù náà ń fún fọ́tò pọ̀, á tún bá yín ba ẹtù jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fídíò ránṣẹ́ bí ìwé o, gbogbo bó ṣe wúwo tó ló máa lọ.

Alhaja rí i, wọ́n ní ó dára. Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Bàbá, àwa ìgbìmọ̀ aṣọ ẹbí máa ṣèpàdé lórí fídíò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ bá wa wọlé, kí ẹ máa fi aṣọ náà hàn wá ní ojú ẹsẹ̀." Ẹ bá mi gbọ́. Ìpàdé tí ojú gbogbo èèyàn ń hàn, ká ní ọ̀nà kan ń gba 600 kbps, tí ojú wọn ń bọ̀ ní ọ̀nà kan tí tèmi ń lọ ní èkejì. Ìdajì wákàtí nìyẹn 135 MB lọ, 135 MB bọ̀, 270 MB, kí obìnrin mẹ́sàn-án tó yan àwọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ìdajì wákàtí kọ́ ni ìgbìmọ̀ aṣọ ẹbí ń lò. Kí wọ́n tó kí ara wọn tán, ìdajì wákàtí ti lọ.

Mo sọ fún wọn pé màá wọlé, màá pa kámẹ́rà, ohùn nìkan ni màá fi wà níbẹ̀, torí ohùn kì í gbà tó ìdámárùn-ún fídíò. Bí mo sì ṣe ń kọ ìwé owó aṣọ fún wọn, mo fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀, lábẹ́ owó òwú àti owó ìfiránṣẹ́: owó dátà, ₦1,600. Àlàárì tí mo pe iye rẹ̀, wọn ò yọ kọ́bọ̀ kúrò níbẹ̀. Owó dátà yìí ni wọ́n ń ná láti àná. Wọ́n ní kí n gbà á ní ₦1,000.